Báwo ni mo ṣe lè pín tágẹ́ẹ̀tì fún òǹtajà mẹ́rin láì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ?

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi mí ṣe máníjà àwọn òǹtajà níbi iṣẹ́ wa. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun là ń pín, láti Ìbàdàn dé Òkè-Ògùn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ta ọjà yìí lóde kí wọ́n tó gbé mi wọ ọ́fíìsì, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí wọ́n bá gbé tágẹ́ẹ̀tì tí apá rẹ̀ kò ká lé lórí. Ní báyìí èmi ni wọ́n ní kí n pín in fún àwọn ẹlòmíì, mi ò sì fẹ́ ṣe wọ́n bí wọ́n ṣe ṣe mí.

Òǹtajà mẹ́rin ló wà lábẹ́ mi. Ti Bódìjà, Àgbọ̀wọ́ àti Ọ̀jọ́ọ̀ ta páálí 9,600 lọ́dún tó kọjá. Ti Chálẹ́ńjì, Òkè-Àdó àti Mọ́lété ta 6,000. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ ta 4,800. Ẹni tó ń lọ Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí ta 3,600. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24,000. Ọ̀gá wa ní lọ́dún yìí 27,600 lòun fẹ́, ìyẹn ni pé kí á fi ìdá 15 nínú 100 kún un.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ìdá 15 yẹn kún ti oníkálukú kí n sì simi. Ṣùgbọ́n ti Bódìjà wo ìwé náà, ó ní, “Àǹtí, ṣé torí pé mo ta ju gbogbo wọn lọ ni ẹ ṣe máa di 1,440 lé mi lórí, tí ti Ṣakí yóò gba 540?” Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe ń pín in?

Kọ́lá_Òṣogbo:

Ẹ kú oríire ipò tuntun, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́. Lójú tèmi, ìdá kan náà fún gbogbo èèyàn ni kò ní ojúsàájú nínú. Ohun tí èèyàn tà lánàá ló fi bí agbára rẹ̀ ṣe tó hàn. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ti lágbájá kéré, ti tàmẹ̀dù pọ̀, wọ́n á ní ẹ ní ààyò. Mo ti bá ilé iṣẹ́ méjì ṣe é, ìdá kan náà ni wọ́n máa ń lò.

Bàbá_Òpópónà:

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, kú iṣẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wà nídìí pípín ọjà kí n tó fẹ̀yìn tì, tágẹ́ẹ̀tì sì wà lára ohun tó dun àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jù nígbà tí mo ṣì ń ṣe é bí Kọ́lá ṣe wí.

Kọ́lá, òótọ́ ni pé ohun tí èèyàn tà lánàá sọ nǹkan fún wa. Àmọ́ kì í ṣe agbára ẹni náà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí ọjà agbègbè yẹn ṣe tóbi tó wà níbẹ̀, oríire wà níbẹ̀, àìsí ọkọ̀ tàbí àìsí ọjà náà wà níbẹ̀. Bí o bá fi ìdá kan náà lé gbogbo rẹ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ kára lò ń di ẹrù lé, ẹni tó sùn lórí ọjà ńlá á sì máa sùn lọ. Ní ọdún kejì, ẹni tó já fáfá á ti gbọ́n. Bí ó bá ti bá tágẹ́ẹ̀tì lóṣù kọkànlá, á fi ọjà tó kù pamọ́ di oṣù kìíní, torí ó mọ̀ pé bóun bá tà á, wọ́n á fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹrù tọdún tó ń bọ̀.

Àbẹ̀kẹ́, dá mi lóhùn ná. Èkíní, ṣé páálí lẹ fi ń ka títà tàbí owó? Èkejì, ṣé ọjà ńlá kan wà nínú 24,000 yẹn tí kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́? Ẹ̀kẹta, ṣé ẹnikẹ́ni wà tí kò rí ọjà tàbí ọkọ̀ fún ìgbà kan?

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn:

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Páálí la fi ń ka títà. Lórí ìbéèrè kejì, òótọ́ ni: olóṣèlú kan ra páálí 1,200 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ti Bódìjà, ó fi ta àwọn èèyàn àdúgbò rẹ̀ lọ́rẹ. Lórí ẹ̀kẹta, ọkọ̀ tó ń lọ Ṣakí bàjẹ́ fún odindi oṣù méjì. Ọmọ yẹn ò ta páálí kan ṣoṣo ní oṣù méjèèjì. Mi ò tilẹ̀ rántí rẹ̀ nígbà tí mò ń ṣírò.

Bàbá_Òpópónà:

Ó dáa bó ṣe jẹ́ páálí. Ẹni tó bá ń fi owó ka títà, ó rọrùn kó tan ara rẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, owó ọjà gùn òkè, àwọn tó ń ka náírà sì ń yọ̀ pé títà àwọn ti lọ sókè, bẹ́ẹ̀ páálí tó ń jáde nínú sítọ́ọ̀ ń dínkù.

Wàyí o, fọ ìwé ọdún tó kọjá mọ́ kí o tó fi ṣe ohunkóhun. Yọ 1,200 olóṣèlú yẹn kúrò, ti Bódìjà á di 8,400. Kì í ṣe pé o gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ o, owó kómíṣọ̀n rẹ̀ lórí ọjà yẹn jẹ́ tirẹ̀. Ìpìlẹ̀ tọdún yìí nìkan lo yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ti Ṣakí, oṣù mẹ́wàá ló fi ta 3,600, ìyẹn 360 lóṣù. Fi oṣù méjì yẹn kún un, á di 4,320. Ògbómọ̀ṣọ́ àti Chálẹ́ńjì ò yí padà. Àpapọ̀ ìpìlẹ̀ rẹ á wá jẹ́ 23,520.

Bí o bá tún ní ìwé ọdún mélòó kan sẹ́yìn, má ṣe gbà á bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2022 ni ASUU ti yanṣẹ́ lódì, oṣù kẹwàá ni wọ́n padà. Àgbọ̀wọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ta ni ó fẹ́ ra ọṣẹ? Ìbẹ̀rẹ̀ 2023 náà, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú, ojúlówó títà kọ́ ló wà nínú ìwé wa.

Ọmọ_Báńkì:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀ yín. Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí n kó owó ìfipamọ́ wá, iye tí wọ́n dá fún mi ju ti ẹni tó wà ní ẹ̀ka kan tó jẹ́ pé àwọn oníṣòwò ńlá ló yí i ká. Àdúgbò tèmi, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù. Ṣé mo lè pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́ lórí irú èyí? Oṣù mẹ́fà rèé tí mo ti ń gbàwẹ̀ lórí rẹ̀.

Kọ́lá_Òṣogbo:

Àbúrò, ọ̀rọ̀ òfin lo béèrè yẹn, bóyá kí o ṣí ojú ewé míì fún un kí àwọn agbẹjọ́rò lè rí i.

Bàbá_Òpópónà:

Ẹ jẹ́ kí ó dúró. Ẹjọ́ náà ò sí lọ́wọ́ mi, àmọ́ ohun tó ń ṣe é gan-an lọ̀rọ̀ tí à ń bọ̀ wá bá. Wọ́n wo èèyàn, wọn ò wo ilẹ̀ tí èèyàn dúró lé. Ọmọ mi, bí o bá lè kó iye oníṣòwò tó wà ládùúgbò rẹ sórí ìwé kan, kí o kó ti ẹ̀ka kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, o ti ní ohun tí o lè gbé lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ.

Kọ́lá_Òṣogbo:

Bàbá, mo ti gbọ́ ti ìwé àtijọ́, ẹ ṣé. Lórí bí ọjà ṣe tóbi, ṣebí iye èèyàn ìjọba ìbílẹ̀ la lè lò? Ká wo iye tó wà ní Ìbàdàn Àríwá, ká wo ti Ògbómọ̀ṣọ́, ká pín in bẹ́ẹ̀. Tàbí kí ẹ ka gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ: àwọn tó ń ta ní páálí-páálí, àwọn ṣọ́ọ̀bù, àwọn ìsọ̀ kéékèèké, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìyá_Sítọ́ọ̀_Gbági:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mò ń ta ní páálí-páálí tí Kọ́lá ń sọ yìí. Ọmọ mi, bí o bá ka èmi, tí o tún ka àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ mi, ọṣẹ kan náà lo kà lẹ́ẹ̀mejì. Páálí ọgọ́ta tí mo gbà lóṣù, inú ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ àwọn ẹlòmíì ló parí sí. Mi ò fọ aṣọ tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá_Òpópónà:

Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an lẹ sọ. Àwọn tó ń tú páálí tà fún ẹni tó ń lọ fọ aṣọ ni kí ẹ kà. Ibẹ̀ ni ọjà ti parí ìrìn àjò rẹ̀.

Ti iye èèyàn, Kọ́lá, ọdún 2006 ni wọ́n ka èèyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Adúgbò tó jẹ́ oko nígbà yẹn ti di ìlú báyìí. Wọ́n lè fi ṣe àfiwé bí kò bá sí nǹkan míì, àmọ́ má fi pín ẹrù fún ọmọlọ́mọ.

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń fún àwọn ọmọ mi láti rìn ká. Kí oníkálukú ka ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ tó wà ní agbègbè rẹ̀ ní òpópónà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹni tó ni agbègbè ka tirẹ̀. Pààrọ̀ wọn: kí ti Ògbómọ̀ṣọ́ ka Bódìjà, kí ti Bódìjà ka Chálẹ́ńjì. Ẹni tó mọ̀ pé iye tí òun bá kà ló máa di ẹrù òun, ìsọ̀ á máa pa mọ́ ọn lójú.

Lẹ́yìn náà, yan ṣọ́ọ̀bù ọgbọ̀n àti ìsọ̀ ọgbọ̀n ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, kí o lọ bá wọn fúnra rẹ. Má bi wọ́n pé, “Páálí mélòó lẹ ń tà lóṣù?” Ẹlòmíì á rò pé owó orí lo wá gbà, á pín in sí méjì, ẹlòmíì á fẹ́ fi hàn ọ́ pé òun tóbi, á sọ ọ́ di mẹ́ta. Bi wọ́n pé, “Ìgbà wo lẹ ra ọṣẹ kẹ́yìn, páálí mélòó ni, mélòó ló kù báyìí?” Ohun tí o béèrè wà lójú rẹ lórí pẹpẹ, wọn ò lè purọ́ rẹ̀. Gbogbo irú ọṣẹ ìfọṣọ ni kí o bi wọ́n o, kì í ṣe tiyín nìkan.

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn:

Bàbá, mo ti ṣe é. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kì í ṣe méjì, torí òjò. Mo pààrọ̀ wọn bí ẹ ṣe wí, wọ́n sì kùn díẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kan ń ta bíi páálí mẹ́fà lóṣù, gbogbo irú ọṣẹ pọ̀. Ìsọ̀ kan ń ta bíi páálí kan. Ó yàtọ̀ díẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíì, àmọ́ kò jìn síra, nítorí náà mo lo iye kan náà fún gbogbo wọn. Bódìjà ní ṣọ́ọ̀bù 350 àti ìsọ̀ 700, ìyẹn jẹ́ páálí 2,800 lóṣù. Chálẹ́ńjì ní 450 àti 900, ó jẹ́ 3,600. Ògbómọ̀ṣọ́ ní 230 àti 620, ó jẹ́ 2,000. Ọ̀yọ́ dé Ṣakí ní 150 àti 700, ó jẹ́ 1,600. Mo wá sọ ọ́ di ti ọdún kan, mo sì fi títà wa tí a ti fọ̀ mọ́ wé e:

Bódìjà: ọjà 33,600, tiwa 8,400, ìdá 25 nínú 100.
Chálẹ́ńjì: ọjà 43,200, tiwa 6,000, kò tó ìdá 14.
Ògbómọ̀ṣọ́: ọjà 24,000, tiwa 4,800, ìdá 20.
Ọ̀yọ́ dé Ṣakí: ọjà 19,200, tiwa 4,320, ìdá 22 àtààbọ̀.

Bàbá, ojú mi là. Gbogbo wa ní ọ́fíìsì ló ti ń pe ọmọ Ṣakí ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ òun ló tẹ̀ lé ti Bódìjà. Ẹni tí a rò pé ó ń ṣe dáadáa ní Chálẹ́ńjì, orí ọjà tó tóbi jù ló jókòó lé.

Kọ́lá_Òṣogbo:

Háà! Mo gbà. Mo ti pe ẹnì kan ní ọ̀lẹ bẹ́ẹ̀ rí ní Iléṣà, mo sì jẹ́ kí wọ́n dá a dúró. Mi ò wo ilẹ̀ tó ń ro.

Bàbá_Òpópónà:

Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wa, Kọ́lá.

Àbẹ̀kẹ́, bí mo ṣe máa ń pín in rèé. Mi ò ní gba ohun tí oníkálukú ti ń tà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ni ìpìlẹ̀. Ohun tí ọ̀gá fẹ́ lé e nìkan ni mo máa ń pín, mo sì ń pín in gẹ́gẹ́ bí àyè tó kù ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá fẹ́ 27,600, ìpìlẹ̀ jẹ́ 23,520, ohun tó kù láti pín jẹ́ 4,080. Àyè tó kù ní Bódìjà ni 33,600 tí a yọ 8,400 kúrò nínú rẹ̀, 25,200. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù. Àpapọ̀ àyè tó kù á jẹ́ 96,480. Ẹni tí àyè púpọ̀ kù sí lọ́wọ́ á gba púpọ̀ nínú 4,080 yẹn.

Bí o bá ń lo Excel, kọ iye ọjà ọdún kan sí B2 dé B5, kọ títà tí a ti fọ̀ mọ́ sí C2 dé C5, kọ 27600 sí H1. Tẹ èyí sí D2, kí o sì fà á dé D5:

```
=C2+($H$1-SUM($C$2:$C$5))*(B2-C2)/(SUM($B$2:$B$5)-SUM($C$2:$C$5))
```

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn:

Mo ti tẹ̀ ẹ́. Mo sọ wọ́n di iye tó rọrùn láti pè: Bódìjà 9,470, Chálẹ́ńjì 7,570, Ògbómọ̀ṣọ́ 5,610, Ọ̀yọ́ dé Ṣakí 4,950. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27,600 gẹ́lẹ́.

Ti Bódìjà ò ní lè sọ pé mo rẹ́ òun jẹ mọ́, tirẹ̀ dín díẹ̀ sí 9,600. Àmọ́ ẹ̀rù Chálẹ́ńjì ń bà mí. Láti 6,000 sí 7,570, ìdá 26 nínú 100 ni mo fi kún un.

Ọmọ_Òkè_Ògùn:

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú làálàá. Èmi náà máa ń gbé ọjà lọ sí apá Ṣakí fún ilé iṣẹ́ míì. Ẹ̀rù Chálẹ́ńjì ń bà yín, ti Ṣakí ńkọ́? Ọmọ yẹn ta 3,600 lọ́dún tó kọjá. Ẹ ní kó ta 4,950. Lójú tirẹ̀, ìdá 37 lẹ fi kún un o! Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìpìlẹ̀ tí ẹ fọ̀ mọ́ tí yóò yé e, ohun tó wà nínú ìwé owó oṣù rẹ̀ ló mọ̀. Mo ti wà níbẹ̀ rí. Àti pé ta ló sọ fún yín pé ọkọ̀ ò ní bàjẹ́ mọ́?

Bàbá_Òpópónà:

Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ, ọmọ mi. Má fi ti ọdún hàn án, Àbẹ̀kẹ́. Pè é jókòó, fi ti oṣù hàn án. Nínú oṣù tí ọkọ̀ ń rìn, 360 ló ń tà. Ohun tí o ń béèrè jẹ́ bíi 412. Páálí méjìléláàádọ́ta lé e lóṣù, ìyẹn páálí mẹ́tàlá lọ́sẹ̀. Á yé e.

Ti ọkọ̀, ìwé ni kí ẹ kọ. 4,950 lórí ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ bíi 95. Kí o kọ ọ́ sínú ìwé tágẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò bá rí ọkọ̀ tàbí tí ọjà ò sí ní sítọ́ọ̀, ẹ máa yọ 95 kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni kó rí fún gbogbo wọn. Àìsí ọjà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ òǹtajà.

Ti Chálẹ́ńjì, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ tọ́. Àyè tó kù yàtọ̀ sí àyè tí ọwọ́ lè tó. Ṣọ́ọ̀bù mélòó ni ọmọ yẹn lè dé lóòjọ́?

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn:

Nígbà tí mo wà lóde, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo máa ń dé bí ọ̀nà bá dáa. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ìyẹn 125.

Bàbá_Òpópónà:

Ṣọ́ọ̀bù 450 ló ní. Yóò tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó yí gbogbo wọn ká lẹ́ẹ̀kan, kò sì tíì dé ìsọ̀ kan ṣoṣo nínú 900. Ẹni tó ń tajà ní ìsọ̀ ò ní owó tí yóò fi kó ọjà oṣù kan pa mọ́. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ló máa rà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a tó pe ọmọ Chálẹ́ńjì ní ọ̀lẹ bí ẹ ṣe pe ti Ṣakí tẹ́lẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ méjì tó ní ni kò tó.

Fún èmi, mi ò ní jẹ́ kó ju ìdá 20 lọ lọ́dún kan. Ìyẹn á jẹ́ 7,200. Á ku 370. Má ṣe gbé 370 yẹn lé àwọn mẹ́ta yòókù lórí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ti ba gbogbo iṣẹ́ tí o ṣe jẹ́. Gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ: yálà kó gbà pé 27,230 ló ṣeé ṣe, tàbí kó ra kẹ̀kẹ́ Márúwá kan kí ẹnì kan máa fi gbé ọjà wọ àárín àwọn ìsọ̀ Mọ́lété.

Kọ́lá_Òṣogbo:

Bàbá, ẹ foríjì mí, mi ò gbà pẹ̀lú ìdá 20 yẹn. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kó mọ̀ pé kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní gbìyànjú. Mo rò pé kí wọ́n fún un ní 7,570, kí wọ́n sì fún un ní kẹ̀kẹ́ náà ní oṣù kìíní.

Bàbá_Òpópónà:

Bí kẹ̀kẹ́ bá dé ní oṣù kìíní, mo gbà. Bí kò bá dé ńkọ́? Mo ti rí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ orí ìwé.

Ìyá_Sítọ́ọ̀_Gbági:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí láti ìhà ibi tí mo wà. Bí tágẹ́ẹ̀tì bá ti ju agbára òǹtajà lọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń sá wá. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù, ọmọ náà á dé, á kúnlẹ̀: “Mummy, ẹ bá mi gba ọgọ́rùn-ún páálí, ẹ ò ní san nǹkan kan báyìí.” Torí pé ọmọ èèyàn ni, màá gbà á. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mi ò ní ra nǹkan kan, torí sítọ́ọ̀ mi kún. Nígbà tí owó bá wọ́n mi, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà yẹn ní iye tó rẹlẹ̀ sí ti ilé iṣẹ́ kí n lè rí owó mi, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí òǹtajà yín ń tà fún á sì wá bá mi. Ẹlòmíì á tún ní kí n dá a padà fún òun. Ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì rò pé ọjà ń lọ. Ọjà ò lọ sí ibì kankan, inú sítọ́ọ̀ mi ló wà.

Bàbá_Òpópónà:

Ìyá, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Àbẹ̀kẹ́, ohun tí o máa fi dá a mọ̀ rèé: wo ọjọ́ tí wọ́n ń tà. Bí ẹnì kan bá ń ta ju ìlàjì ọjà oṣù rẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, tí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e sì gbẹ, ọjà yẹn ò tíì dé ọwọ́ ẹni tó ń fọ aṣọ. Pe ìwé àwìn rẹ̀ wá, lọ wo sítọ́ọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ fúnra rẹ. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń ṣe é, ẹni yẹn ni kí o bá sọ̀rọ̀. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń ṣe é, tágẹ́ẹ̀tì rẹ ni kí o tún wò.

Má sì pín 9,470 sí méjìlá gbọọrọ. Wo ìdá tí oṣù kọ̀ọ̀kan kó nínú títà ọdún méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tí o ti fọ̀ ọ́ mọ́. Àgbọ̀wọ́ nígbà tí ilé ìwé wà ní ìsinmi kì í ṣe Àgbọ̀wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé.

Ọmọ_Òkè_Ògùn:

Ohun kan ṣì kù tẹ́nìkan ò tíì fọwọ́ kàn. Àwọn oníṣòwò Ìsẹ́yìn àti Ṣakí ń wá sí Bódìjà ra ẹrù oúnjẹ, wọ́n á sì ra ọṣẹ lọ́nà. Ọṣẹ yẹn wọ inú títà ti Bódìjà, àmọ́ Ṣakí ni wọ́n ti ń fọ aṣọ pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, àyè tí ẹ rò pé ó kù ní Ṣakí, ọṣẹ yín ti wà nínú rẹ̀. Tágẹ́ẹ̀tì Ṣakí ti pọ̀ jù, ti Bódìjà ti kéré jù.

Bàbá_Òpópónà:

Òótọ́ ni, ó sì ti ṣe mí rí. Sọ fún mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwọn tó ń ta ní páálí-páálí ní Bódìjà kí wọ́n máa kọ ìlú tí oníbàárà ń gbé ọjà lọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá kéré, fi í sílẹ̀. Bó bá tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, mi ò mọ ẹni tí o máa kọ ọ́ fún. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé e fún ẹni tó ni ìlú, tí ti Bódìjà sì kọ̀ láti tà fún ará Ìsẹ́yìn mọ́. Mo tún ti rí ibi tí wọ́n ti pín in sí méjì, tí àwọn méjèèjì ń jà lórí ìwé.

Ìyá_Sítọ́ọ̀_Gbági:

A máa kọ ọ́ o. Ìlú tí wọ́n ń gbé e lọ la máa ń béèrè ká tó di ẹrù fún wọn.

Àbẹ̀kẹ́_Ìbàdàn:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí ọ̀gá lánàá. Mo gbé ìwé kíkà ṣọ́ọ̀bù síwájú rẹ̀, mo fi ìdá 14 Chálẹ́ńjì hàn án. Ó pẹ́ tó fi wò ó. Ó ní òun ò ní sọ 27,600 kalẹ̀, àmọ́ kí 370 yẹn dúró sí orúkọ tèmi títí kẹ̀kẹ́ á fi dé, ó sì fọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ náà fún oṣù kẹta. Chálẹ́ńjì á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7,200. Ó gbà kí á máa yọ ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ tàbí ọjà ò bá sí.

Mo pe ọmọ Ṣakí jókòó lówùúrọ̀ yìí, mo fi ti oṣù hàn án bí ẹ ṣe wí. Ó wò ó, ó ní, “Àǹtí, 412 yẹn ò le, ẹ ṣáà jẹ́ kí ọkọ̀ dé.” Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí orúkọ tí a ti ń pè é.

Ti àwọn tó ń ra ọjà Bódìjà lọ sí Òkè-Ògùn, mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe. Láti ọjọ́ Ajé ni àwọn mẹ́ta máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi ní Bódìjà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì màá kó iye náà wá síbí.